Ta Ló Rí Àbájáde Yìí? Títún Àṣamọ̀ Kan lórí Omi Odò Ọ̀ṣun Kọ

Àṣamọ̀ ni mo ń pe ìsọníṣókí tó máa ń wà níwájú iṣẹ́ ìwádìí, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè ní ábísítíráàtì. Àwọn tó dá lórí odò Ọ̀ṣun ti wá pọ̀ gan-an báyìí, kò sì yà mí lẹ́nu. Láti ìgbà tí àwọn awa-góòlù ti gba etí àwọn odò kéékèèké ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, omi tó ń ṣàn wọ Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ti pọ́n bí omi amọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun alára ti kìlọ̀ rí pé kí àwọn tó bá wá ṣọdún Ọ̀ṣun má ṣe mu omi náà. Síbẹ̀ àwọn èèyàn ń bu ú. Wọ́n ń gbé kẹ́ẹ̀gì wá, wọ́n ń gbé ìgò wá, wọ́n ń bu ú fún àgàn, wọ́n ń bu ú fún ọmọ tára rẹ̀ kò yá.

Ìdí nìyí tí n kò fi lè fojú kékeré wo àṣamọ̀ tí kò sọ ohun tó rí. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ gba ìjọba nímọ̀ràn kò ní ka ojú ewé ọgbọ̀n. Àṣamọ̀ ni yóò kà. Akọ̀ròyìn náà, àṣamọ̀ ni yóò kà. Bí ohun tí wọ́n kà bá ṣófo, wọ́n á fi tiwọn dí i.

Mo ti kọ irú rẹ̀ kan sílẹ̀ nísàlẹ̀ yìí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́, kí n má baà tú àṣírí ọmọ ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní yunifásítì ẹ óò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Iye tí mo máa lò nínú àtúnkọ náà, èmi ni mo gbé e kalẹ̀ fún àpẹẹrẹ. Kò sí ẹni tó wọn omi kankan láti rí i, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má mú un lọ síbì kan pé báyìí ni odò Ọ̀ṣun rí.

Àṣamọ̀ náà nìyí:

«Omi ni ẹ̀mí. Odò Ọ̀ṣun jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn odò ilẹ̀ Yorùbá, àjọ Yunẹ́sikò sì ti fi Igbó Ọ̀ṣun kún àwọn ibi ìjogún àgbáyé láti ọdún 2005. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wá síbẹ̀ lọ́dọọdún láti mu omi náà. Ìwakùsà ti ń ba àwọn odò wa jẹ́ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò òjé nínú omi odò Ọ̀ṣun. A bu omi ní oríṣiríṣi ibi, a sì lo àwọn ìlànà tó bá ìgbà mu láti yẹ̀ ẹ́ wò. Àbájáde fi hàn pé ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn omi tí a bù, a sì jíròrò lé e lórí. Ìwádìí yìí wá rí i pé ìwakùsà góòlù ń pa àwọn olùsìn Ọ̀ṣun, ìjọba sì gbọ́dọ̀ tètè wá nǹkan ṣe sí i.»

Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe kò le. Mú bírò, kí o kọ lẹ́tà kan sí ẹ̀gbẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan: È fún èròǹgbà, Ọ fún ọgbọ́n ìwádìí, À fún àbájáde, Ì fún ìkádìí. Gbólóhùn tí kò bá gba ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà kà wọ́n. Gbólóhùn mẹ́jọ ló wà nínú èyí tí ẹ kà tán yìí, mẹ́rin àkọ́kọ́ kò sì gba lẹ́tà kankan. Ààbọ̀ àṣamọ̀ ti lọ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni ohun tó wà nínú wọn o, ọdún 2005 ni Yunẹ́sikò kọ orúkọ Igbó náà sílẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bu omi rárá náà lè kọ ọ́. Gbólóhùn kan tó sọ ìdí tí ìwádìí fi pọn dandan ti tó, ìyẹn pé àwọn èèyàn ń mu omi yìí.

Mẹ́rin tó kù, ó dà bíi pé ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà tirẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń bá mi jà. «Ṣebí gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀ Prọ̀fẹ́sọ̀?» Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

«Ṣe àgbéyẹ̀wò òjé.» Kí ni a fẹ́ mọ̀ nípa òjé? Èròǹgbà tó dára máa ń jẹ́ ìbéèrè tí èèyàn lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí kí ó fi iye dáhùn. Àgbéyẹ̀wò kò ní ìdáhùn, èèyàn lè ṣe àgbéyẹ̀wò kí ó má rí nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó máa mọ̀. Nínú iṣẹ́ tí mo ń rò lọ́kàn yìí, ìbéèrè méjì ló wà: ṣé òjé inú omi tí wọ́n ń bù mu nínú Igbó Ọ̀ṣun ju iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè lọ, ṣé tòjò sì yàtọ̀ sí tẹ̀ẹ̀rùn? Iye ti àjọ náà jẹ́ míkírógíráàmù 10 nínú lítà omi kan. Ìlànà omi mímu ti Nàìjíríà kò yàtọ̀ sí i, mílígíráàmù 0.01 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ìkan náà sì ni méjèèjì.

Bí ìbéèrè bá ti jẹ́ méjì báyìí, a ti jẹ gbèsè ìdáhùn méjì. Gbèsè yìí ni mo máa ń wá lọ sí ìdí àbájáde. Ẹlòmíì á béèrè mẹ́ta, á dáhùn ọ̀kan, á wá dáhùn ọ̀kan mìíràn tí kò béèrè. Èròǹgbà irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó ti kọ ọ́ nígbà tó ń gba àṣẹ iṣẹ́, kò sì padà wò ó mọ́ nígbà tí iṣẹ́ parí.

Ọgbọ́n ìwádìí ló kàn. «Oríṣiríṣi ibi», «ìlànà tó bá ìgbà mu». Mélòó? Níbo? Nígbà wo? Pẹ̀lú kí ni? Òǹkàwé kò nílò orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, kò sì nílò iye ìgbà tí ẹ fọ ìgò. Ohun tó yẹ kó wà nínú àṣamọ̀ ni ohun tó jẹ́ pé bí ó bá yí padà, àbájáde náà á yí padà. Nínú ìwádìí òjé inú odò pípọ́n, ohun kan wà tó ṣe kókó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nínú àṣamọ̀ kankan: ṣé ẹ sẹ́ omi náà àbí ẹ kò sẹ́ ẹ?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí. Òjé kì í fẹ́ dá wà nínú omi, ara amọ̀ àti ẹrẹ̀ tó léfòó ló máa ń lẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá fi asẹ́ tó kúná gan-an sẹ́ omi náà kí ẹ tó kán ásíìdì sí i, bí a ṣe ń sẹ́ ògì, ẹrẹ̀ yóò kù sórí asẹ́, òjé tó lẹ̀ mọ́ ọn á sì bá a kù síbẹ̀. Ìwọ̀nba èyí tó ti yòrò mọ́ omi nìkan ni ẹ̀rọ máa rí. Bí ẹ kò bá sẹ́ ẹ, tí ẹ kán ásíìdì náítíríìkì sí i bẹ́ẹ̀, tí ẹ sì sè é kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, gbogbo òjé inú ìgò ni ẹ óò rí, tinú omi àti tara ẹrẹ̀. Omi kan náà, ọjọ́ kan náà, iye méjì tó lè jìnnà sí ara wọn gan-an, pàápàá nígbà òjò tí ẹrẹ̀ pọ̀. Èwo ló tọ̀nà? Méjèèjì tọ̀nà, ìbéèrè tí wọ́n ń dáhùn ló yàtọ̀. Ẹni tó bu omi lójúbọ, tó fi ẹnu mu ún, kò ní asẹ́ lọ́wọ́. Tirẹ̀ ni a béèrè nínú èròǹgbà wa, nítorí náà omi tí a kò sẹ́ ni a gbọ́dọ̀ wọ̀n, ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré, «a kò sẹ́», sì gbọ́dọ̀ wà nínú àṣamọ̀. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹni kan á mú iye tiyín, á fi wé iye ẹlòmíì tó sẹ́ tirẹ̀, á ní odò ti túbọ̀ bàjẹ́ tàbí pé ó ti ń mọ́ bọ̀. Odò kò ṣe nǹkan kan, asẹ́ ni.

Àbájáde wá ni ibi tó dùn mí jù. «Ìyàtọ̀ wà láàrin àwọn omi tí a bù.» Kò sí ọjọ́ kan tí ìgò méjì máa bára dọ́gba kínníkínní! Gbólóhùn yìí, èèyàn lè kọ ọ́ kó tó jáde nílé. «A sì jíròrò lé e lórí» náà ńkọ́? Ìyẹn kì í ṣe àbájáde, ìlérí ni. Ó bójú mu kí èèyàn ṣèlérí nínú àṣamọ̀ tó fi ń tọrọ àyè ní ìpàdé àwọn onímọ̀ nígbà tí iṣẹ́ kò tíì parí, ṣùgbọ́n kó sọ ọ́ gbangba pé omi tẹ̀ẹ̀rùn ni òun tíì wọ̀n, tòjò kù. Iṣẹ́ tó ti parí kò gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń lọ.

Àbájáde nílò iye mẹ́ta níbí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ: ìgò mélòó ló kọjá 10 nínú mélòó, iye tó wà ní àárín gbùngbùn nígbà tí a bá to gbogbo wọn láti kékeré dé ńlá, àti èyí tó pọ̀ jù. Mo fẹ́ràn iye àárín gbùngbùn ju ìpíndọ́gba lọ fún irú omi báyìí, torí pé ìgò kan tí ẹrẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ tí òjò rọ̀ gidi lè gbé ìpíndọ́gba gbogbo ìgò tó kù sókè.

Ẹ fi ojú sí ẹyọ ìwọ̀n. Míkírógíráàmù 1,000 ló wà nínú mílígíráàmù kan. Bí tábìlì inú iṣẹ́ bá lo ọ̀kan, tí àṣamọ̀ wá lo èkejì, tí a kò yí iye padà, omi tó léwu díẹ̀ á di májèlé lójú òǹkàwé, tàbí kí májèlé di omi mímu. Ẹ má rò pé àwa nìkan ni. Ní ọdún 1999 ni àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé àyẹ̀wò jáde lórí àwọn àṣamọ̀ inú ìwé ìròyìn ìṣègùn mẹ́fà tó lórúkọ. Láti ìwé kan sí èkejì, àṣamọ̀ 18 sí 68 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní iye tí kò bá ti inú iṣẹ́ mu, tàbí tí kò sí nínú iṣẹ́ rárá. Ìyẹn sì jẹ́ lẹ́yìn ọdún 1987, tí àwọn oníṣègùn ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn òǹkọ̀wé níyànjú pé kí wọ́n pín àṣamọ̀ sábẹ́ àkọlé bí èròǹgbà, ọgbọ́n ìwádìí, àbájáde àti ìkádìí. Àkọlé kì í wọ̀n omi. Bí ẹ bá kọ «Àbájáde» gàdàgbà sórí gbólóhùn «ìyàtọ̀ wà», òfìfo náà ló ṣì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìkádìí. «Ìwakùsà góòlù ń pa àwọn olùsìn Ọ̀ṣun.» Gbólóhùn yìí ní ẹ̀sùn mẹ́ta nínú, iṣẹ́ náà kò sì ní ẹ̀rí fún ìkankan. Ta ló kú? Kò sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni wò. Ta ló mọ̀ pé góòlù ló fà á? Kí èèyàn tó lè sọ bẹ́ẹ̀, ó kéré tán ó gbọ́dọ̀ bu omi lókè ibi tí wọ́n ti ń wà á àti nísàlẹ̀ ibẹ̀, kó fi wé ara wọn. Nínú Igbó nìkan ni gbogbo omi ti iṣẹ́ yìí ti wá. Òṣogbo náà ńkọ́, ìlú ńlá tó ní ilé mẹkáníìkì, bátìrì tó ti kú, ààtàn àti àgbàrá títì? Òjé lè ti ibẹ̀ wá pẹ̀lú. Èmi náà fura sí ìwakùsà o, n kò purọ́. Ṣùgbọ́n ìfura mi kì í ṣe àbájáde ẹnikẹ́ni. Bí agbẹjọ́rò àwọn awakùsà bá mú gbólóhùn yìí, á fà á ya níṣẹ́jú kan, gbogbo iṣẹ́ tó kù, èyí tó dára pàápàá, á sì bá a lọ.

Ẹ tún wò ó láti ọ̀dọ̀ ìyá tó ń sin Ọ̀ṣun. Ó ti mu omi yìí láti kékeré, ọmọ rẹ̀ mu ún, ó ń gbọ́ pé prọ̀fẹ́sọ̀ kan ní omi ń pa á. Kò ní gba yín gbọ́, kò sì jẹ̀bi. Bí ẹ bá sọ fún un pé lásìkò òjò, ìgò tí òjé inú rẹ̀ ti pọ̀ jù ju ààbọ̀ lọ, pàápàá pé òjé burú fún ọpọlọ ọmọdé, ìyẹn jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó lè gbé yẹ̀ wò.

Àṣìṣe òdìkejì wà tó ń fi ara pamọ́. Bí omi ẹ̀ẹ̀rùn bá wà nísàlẹ̀ 10, ó máa ń wu èèyàn láti kọ pé «omi ẹ̀ẹ̀rùn dára fún mímu». Rárá o. Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ kò sọ pé iye kan wà tí òjé kò fi lè ṣe ni léṣe. Iye 10 náà, ohun tí wọ́n rí i pé ó ṣeé ṣe láti dé ni wọ́n dì mú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, òjé nìkan la wọ̀n, a kò wo mẹ́kúrì, a kò wo kòkòrò àrùn. Omi tí kò ní òjé lè ní onígbáméjì nínú.

Ó yá, ẹ wo bí mo ṣe tún un kọ:

«Àwọn èèyàn ń bu omi odò Ọ̀ṣun mu nínú Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, pàápàá nígbà ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù Kẹjọ. A fẹ́ mọ̀ bóyá òjé inú omi náà ju míkírógíráàmù 10 nínú lítà kan lọ, èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà láàyè, àti bóyá tòjò yàtọ̀ sí tẹ̀ẹ̀rùn. A bu ìgò omi kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ ní ibi mẹ́ta tí àwọn èèyàn ti ń bu omi, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú òjò, àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ìgò 36. A kò sẹ́ omi náà. A fi ásíìdì náítíríìkì sè é, a sì fi ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn irin wọ̀n ọ́n. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ìgò 3 nínú 18 ló kọjá 10, iye àárín gbùngbùn sì jẹ́ 6. Nínú òjò, ìgò 11 nínú 18 ló kọjá 10, iye àárín gbùngbùn jẹ́ 12, èyí tó pọ̀ jù sì jẹ́ 31. Òjé inú omi tí wọ́n ń bù nínú Igbó lásìkò òjò sábà máa ń ju iye tí a gbà láàyè lọ. Ìwádìí yìí kò lè sọ ibi tí òjé náà ti wá. Omi tí a bá bù lókè àti nísàlẹ̀ àwọn ibi ìwakùsà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ló lè sọ ọ́.»

Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́rin náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni kò gba lẹ́tà, ó sì ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Ìbéèrè méjì, ìdáhùn méjì: gbèsè tán. Ẹ wo ìṣirò rẹ̀: ibi mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìgbà méjì, 36. Òǹkàwé tó bá fẹ́ fura lè ṣe é lórí ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìkádìí sì dúró síbi tí àbájáde mọ, ó ní «lásìkò òjò», kò ní «odò Ọ̀ṣun» lódindi, torí pé odò náà ti ilẹ̀ Èkìtì wá kó tó dé Òṣogbo, ó sì ń lọ títí dé ọ̀sà Lẹ́kí.

Ẹnì kan lè ní ó ṣì ku ọdún tí a bu omi náà. Òótọ́ ni, nínú iṣẹ́ gidi ó gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Mo yọ ọ́ kúrò níbí kí àpẹẹrẹ má baà jọ ìròyìn.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn máa ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan àwọn, àwọn kì í wọn omi. Ó kàn wọ́n. Ẹni tó gba orin ọdún Ọ̀ṣun sílẹ̀ lè sọ orin mélòó, lẹ́nu àwọn wo, lọ́dún wo, kó sì sọ ohun tó rí nínú wọn: bóyá àwọn orin tó ń bẹ Ọ̀ṣun fún ọmọ ti ń dín kù, bóyá orúkọ ìjọba ti wọ inú wọn. «Iṣẹ́ yìí tú iṣẹ́ ọnà inú orin Ọ̀ṣun palẹ̀» kò sọ nǹkan kan, bí «ìyàtọ̀ wà» ṣe rí ló rí.

Bí mo ṣe máa ń ní kí wọ́n kọ ọ́ nìyí: kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti àbájáde, láti inú tábìlì gan-an, kí wọ́n kọ gbólóhùn méjì. Kí wọ́n kọ ìbéèrè tí gbólóhùn méjì yẹn ń dáhùn sókè rẹ̀. Kí wọ́n wá fi ọgbọ́n ìwádìí sáàrin, ìwọ̀nba èyí tí òǹkàwé nílò láti gba iye náà gbọ́. Ìkádìí ni kí wọ́n kọ gbẹ̀yìn, kí ẹlòmíì tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ sì kà á, kó béèrè lọ́wọ́ wọn pé ìgò wo ló sọ bẹ́ẹ̀.